Gbólóhùn ìpolówó mínírà kan ní èdè mẹ́ta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, èdè mẹ́ta ni ẹni tó ń ta mínírà máa ń gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Odò-Ògbè, Haúsá ni wọ́n fi ń kíra ní Sábó, Píjìnì sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́nu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Iṣẹ́ kan tí mo ṣe fún ìyá kan tó ń ṣe mínírà atalẹ̀ àti ọsàn ni mo fi ń dáhùn àwọn ìbéèrè yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìpolówó kì í yé èèyàn bí kò bá rí èyí tó dì mú. Yorùbá ni gbólóhùn náà ti ṣẹ̀ wá. Haúsá àti Píjìnì ni ó ń lọ.

Kí ló dé tí ẹ fi ń pe irú iṣẹ́ yìí ní àtúndá, tí ẹ kò pè é ní ìtumọ̀?

Nínú ìtumọ̀, ohun tí gbólóhùn sọ ni a ń gbé lọ. Nínú àtúndá, ohun tí gbólóhùn ṣe sí ara ẹni tó gbọ́ ọ ni a ń gbé lọ, a sì lè da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nù kí ìyẹn lè ṣeé ṣe. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ìlò oògùn kò gbọdọ̀ tún nǹkan kan dá. Ẹni tó bá sì ń túmọ̀ ìpolówó mínírà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yóò kọ ohun tí kò ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí bó bá ti kọjá níwájú pátákó.

Kí ni kí n bi oníbàárà kí n tó kọ ohunkóhun?

Ìgbà tí wọ́n ń mu ún ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í. Ọ̀pọ̀ oníbàárà á máa sọ irú èèyàn tó ń rà á fún yín, bóyá ọ̀dọ́ ni, bóyá ìyá ọlọ́mọ ni. Ó wúlò, ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n ń rà á wúlò jù ú lọ. Nígbà tí mo bi ìyá yìí, ó ní láàárín aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán ni ọjà òun máa ń tà jù. Ta ló ń rà á? Bíríkìlà, alábàárù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n ní wákàtí yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í ibi tí gbólóhùn náà máa wà. Ohun tó máa wà lára ìdérí ìgò kò lè gùn, ohun tó máa wà lórí rédíò kò lè fi ara ti àwòrán, ohun tí wọ́n máa kùn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá gbọ́dọ̀ ṣeé kà kí kẹ̀kẹ́ náà tó yà. Ẹ tún bi í ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ìyá yìí kò fẹ́ "àgbo" nítòsí ọjà rẹ̀, nítorí atalẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti ń mú kí àwọn kan rò pé oògùn ni.

Ìmọ̀lára wo la fẹ́ gbé lọ gan-an?

Ìdáhùn tí oníbàárà máa ń fún wa ni "ayọ̀". Ẹ má tètè gbà á. Ẹ bi í pé báwo ni ẹni náà ṣe rí kí ó tó gbé ìgò sẹ́nu. Bí ó bá ní ó ń làágùn, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé ayọ̀ kọ́ ló ń wá. Ìtura ló ń wá.

Yorùbá ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ dáadáa, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Inú máa ń dùn nítorí ìròyìn tàbí nítorí èèyàn: ọmọ yege, ọ̀rẹ́ dé. Ara máa ń le nítorí ìlera. Ara máa ń tù nígbà tí ohun tó ń ni èèyàn lára bá kúrò: a sọ ẹrù kalẹ̀, a bọ́ bàtà tó há, a dé abẹ́ igi. Ìgbà tí àlejò bá wọlé nínú oòrùn tí a gbé omi fún un, kì í ṣe pé a fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. A fẹ́ kí ara tù ú, kí ó tó sọ ohun tó bá wá.

Ara yá ló léwu jù nínú wọn. Ẹnìkan tó bá wa dá sí iṣẹ́ náà dábàá "Mu ún, kí ara rẹ yá". Ó dùn létí, ó sì ní agbára nínú, nítorí "ara mi yá" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ jó tàbí tó ti múra tán. Ṣùgbọ́n "kí ara rẹ yá" náà ni a ń sọ lórí ibùsùn aláìsàn. Bí ẹ bá kọ ọ́ sára ìgò tí atalẹ̀ wà nínú rẹ̀, oògùn ni ẹ ń polówó, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a kọ sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ohun tó ń ni í lára ti kúrò, ní kíá, láìsí pé ẹnikẹ́ni pa á láṣẹ. Ìlà yẹn ni a fi ń wọn èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe gbólóhùn Yorùbá ni a fi ń wọn Haúsá.

Báwo ni ẹ ṣe dé orí gbólóhùn Yorùbá?

Èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni "Mu ún, kí ara tù ọ́". Kò burú, àfi pé ìgò ń pàṣẹ fún èèyàn, ó sì ń pè é ní "ìwọ". Alábàárù ọmọ ogún ọdún kò ní bínú. Bàbá àádọ́rin ọdún tó jókòó ní Ẹnuwà lè má bínú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá sì yí i sí "Ẹ mu ún, kí ara tù yín", ó ti di ohùn ẹni tó ń ṣe ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a yọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kúrò pátápátá, kí gbólóhùn náà kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: Ó dọ́fun, ara tù. Kò pàṣẹ, kò bẹ̀bẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni ní ìwọ tàbí ẹ̀yin. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀, èkejì sì tẹ̀ lé èkíní lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi "nígbà tí" tàbí "lẹ́yìn náà" sí i, kíá yẹn ti lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀fun, tí kì í ṣe ẹnu? Ẹnu ni adùn ń gbé. Ọ̀fun ló ń gbẹ. Gbogbo mínírà tó wà lọ́jà ló ń sọ pé òun dùn lẹ́nu, ẹni tí oòrùn ti pa kò sì wá adùn.

Ẹ wá fi àmì ohùn kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kọ́ wa níléèwé: mí mí re, re re dò. Ohùn náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgòkè padà rárá, bí omi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Èmi kò jókòó wá a bẹ́ẹ̀, nígbà tí a ń kọ́ ọ fún rédíò ni mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti rí i, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́.

Ṣé "ọ̀fun" kò rán èèyàn létí "ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run"?

Ó rán àgbàlagbà kan létí, ó sì sọ ọ́. Irú ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọ ìpolówó nìyẹn: òwe wo ló ti gba ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa? Ìkìlọ̀ fún alájẹkì ni òwe yẹn, ohun tó sì ń mú un wá sọ́kàn ni "ọ̀nà". Níwọ̀n ìgbà tí "ọ̀nà" kò sí nínú gbólóhùn wa, àwọn tó kù tí a kà á fún kò mẹ́nu kàn án. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní "Ọ̀nà ọ̀fun tutù" la kọ ni, èmi náà ì bá ti fà á ya.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé Haúsá?

Ara ni ó kọ́kọ́ dá wa dúró. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ á wá ara, á rí "jiki". Á wá ìtutù, á rí "sanyi". Á wá kọ ohun kan bíi "jiki ya yi sanyi", á sì rò pé òun ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí Haúsá bá ní ara òun tutù báyìí, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun ti rẹ̀wẹ̀sì, pé ìròyìn kan ti gba agbára òun. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nígbà tí ó bá gbọ́ ohun tó já a láyà ni. Yorùbá náà kúkú mọ̀ ọ́n: kò sí ẹni tó máa kọ "ara tutù" sára ìgò nílẹ̀ wa, nítorí òkú ni ara rẹ̀ ń tutù.

Ìṣòro kejì ni ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Yorùbá ń ya àgbà sọ́tọ̀ sí ọmọdé, Haúsá ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin. "Ka sha" ni kí ìwọ ọkùnrin mu, "ki sha" ni kí ìwọ obìnrin mu, "ku sha" ni kí ẹ̀yin mu. Bí ẹ bá yan "ka sha", ẹ ti ti ìdajì ọjà síta. Ṣùgbọ́n èdè náà ní ilẹ̀kùn kan tí ó ṣí sílẹ̀: "a sha". Kò ní olúwa kan pàtó. Kí ẹnikẹ́ni mu, kí á mu. Ohun tí Yorùbá ṣe nípa yíyọ èèyàn kúrò, ọ̀nà tirẹ̀ ni Haúsá gbà dé ibẹ̀.

Ó wá ku ìtura fúnra rẹ̀. Mẹ́ta ni a gbé wò. "A sha, a ji daɗi" ni kí á mu, kí á gbádùn. Ó yọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìgbádùn ló sọ, ìgbádùn sì lè jẹ́ ti ẹni tí kò rẹ̀. Ìyẹn ti kúrò lórí ìlà tí a kọ sílẹ̀. "A sha, hankali ya kwanta" ni kí á mu, kí ọkàn balẹ̀. Ìtura ni lóòótọ́, àfi pé ó wúwo jù. Ọkàn ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù tó sì rí i ló ń balẹ̀ báyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó mu mínírà. Ìpolówó tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó tóbi ju ọjà lọ máa ń dà bí yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀kẹta ni a mú: A sha, a huta. Kí á mu, kí á sinmi. "Huta" ni ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ó kúrú, "a" ni fáwẹ̀lì rẹ̀ látòkè délẹ̀ àyàfi ẹyọ kan, ẹnu sì ń ṣí gbàgà bí ẹni tó ń mí kanlẹ̀.

Ó tún ní ohun kan tí Yorùbá kò ní. "Shan ruwa", mímu omi, ni Haúsá ń pe ìṣínu nínú oṣù Ràmádáànì, tí wọ́n sì ń gbàdúrà fún ara wọn pé "a sha ruwa lafiya". Ìró "a sha" nìkan ti ń gbé wákàtí yẹn wá: oòrùn wọ̀, omi àkọ́kọ́ kan ọ̀fun. A kò fi ìyẹn ṣe ìpolówó, bẹ́ẹ̀ ni a kò darúkọ ẹ̀sìn. Ó kàn wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ tí "ọ̀fun" ń ṣe ní Yorùbá ló sì ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí ọ̀fun jáde. "Maƙogwaro" ni ọ̀fun ní Haúsá, gígùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ìdérí ìgò tán.

Píjìnì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló rọrùn jù?

Òun ló dà bí ẹni pé ó rọrùn, nítorí gbogbo wa ló rò pé a gbọ́ ọ. Láti má ṣe fi àkọtọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dí ìwé yìí, bó ṣe ń dún ni màá kọ ọ́ síbí. Lára ìgò, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ni a kọ ọ́.

Èyí tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ mú wá ni "bodi no bi fayawud", ara kì í ṣe igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ láàárín akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ wo ẹ̀rín tó máa tẹ̀ lé e: ọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n ń fi í sọ. Kò bá mínírà tí ìyá máa rà fún ọmọ mu. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "e swit beli", tó jẹ́ ọmọ ìyá "inú mi dùn", tí Haúsá náà sì ní tirẹ̀ nínú "farin ciki", ikùn funfun. Ó wù mí gan-an pé èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ayọ̀ sínú ikùn, ó sì ku díẹ̀ kí n tún gbogbo gbólóhùn kọ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tí a kọ sílẹ̀ kò sọ ayọ̀. Ohun tó bára mu lójú olùtumọ̀ kò fi dandan jẹ́ ohun tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ń wá.

A mú E enta, bodi kam. Sílébù mẹ́fà ni, gẹ́gẹ́ bí ti Yorùbá, ó sì ní ohun méjì tó ń tẹ̀ léra láìsí ọ̀rọ̀ tó so wọ́n pọ̀. "E enta" ni ó wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀dọ́, ó tún túmọ̀ sí pé nǹkan náà bọ́ sí i, pé ó ṣe wẹ́kú. "Bodi kam" ni ara balẹ̀. Ara sì padà wá síbí láìjà, nítorí Píjìnì ń fi ara kí èèyàn lójoojúmọ́.

Oníbàárà mi kò gbọ́ Haúsá. Báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí òun ń san owó fún?

Ẹ má gbé gbólóhùn nìkan fún un. Ẹ tú u padà sí èdè rẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹ wá sọ bó ṣe ń dún àti ohun tó sọnù. Bí mo ṣe kọ ti Haúsá fún ìyá yìí nìyí:

Gbólóhùn: *A sha, a huta.*
Ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀: Kí á mu, kí á sinmi.
Bó ṣe ń dún: bí ọ̀rọ̀ ilé, kì í ṣe bí ìkéde, tọkùnrin tobìnrin ló bá mu.
Ohun tó sọnù: ọ̀fun, àti ohùn tó ń sọ̀ kalẹ̀.
Ohun tó wọlé: ìró ìṣínu, láìdárúkọ rẹ̀.
Ewu: "huta" lè dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ ti tán fún.

Gbólóhùn mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ mú wá fún èdè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ fọwọ́ sí àti ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá mú ẹyọ kan wá, kò ní ohun tó máa fi wé e. Bí ẹ bá mú mẹ́wàá wá, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó ń yan àwọ̀ aṣọ, á sì yan èyí tó jọ Yorùbá rẹ̀ jù.

Báwo ni a ṣe ń dán an wò?

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé "ṣé ó dára?" Nílùú yìí, ọmọlúàbí yóò ní ó dára. Ẹ bi í pé, "Ta ló máa ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ìgbà wo?" Bí ó bá ní "olówò ni" tàbí "rédíò ni", gbólóhùn náà ṣì ń rùn bí ohun tí wọ́n túmọ̀. Bí ó bá ní "ìyá mi ni, nígbà tí mo bá ti oko dé", ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀.

Ẹ kà á sí i létí, ẹ má fi hàn án. Ẹ bá a sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá ní kó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá yí padà ni ọ̀rọ̀ tí kò jókòó dáadáa. Ní Píjìnì, "E tọch trot" la kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀fun wà níbẹ̀ dandan. Àwọn tí a bi kò rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "E enta" ni àwọn kan fi dá a padà fún wa láìmọ̀ pé àwọn yí nǹkan kan padà. Àwọn ló kọ ọ́, èmi kàn tẹ̀ ẹ́ ni.

Ní Sábó, ẹ rí i dájú pé ẹ bi ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọ̀dọ́. Ẹ tún ya ẹni tí wọ́n bí sí Ifẹ̀ sọ́tọ̀ sí ẹni tó ti Kánò tàbí Kàtsínà wá, nítorí Haúsá ẹni tí wọ́n bí síbí lè ti bá Yorùbá gbé pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ àléébù tí àlejò máa gbọ́. Awakọ̀ tírélà kan ló fi ewu "huta" hàn wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí mo bá sinmi báyìí, ta ló máa wa ọkọ̀ mi?" Ó tọ̀nà. Gbólóhùn náà wà lára ìgò títí di òní, ṣùgbọ́n a kò gbé e sí pátákó tó wà létí gáréèjì.

Ṣé orin kan náà lè gbé gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí rédíò?

Rárá. Bí olórin bá gbé ohùn sókè níbi "tù", ó ti di "tú": ara tú, bí ìdì tó tú. Bí ó bá gbé "fun" sókè, ọ̀fun ti di ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá ń kọ orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ ní Yorùbá mọ bí èyí ṣe ń rí. Torí náà, Yorùbá ni kó kọ́kọ́ gba orin tirẹ̀, orin náà sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Haúsá náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ má kàn dà á sórí orin Yorùbá. Ohun tí a lè fi so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ìlù, ìdákẹ́ tó wà láàárín apá méjèèjì gbólóhùn, àti ìró ìdérí ìgò tó ń ṣí ní ìdákẹ́ yẹn.

Ṣé dandan ni kí àmì ohùn wà lára ìgò?

Lójú tèmi, dandan ni. "O dofun" láìsí àmì, ẹ̀ẹ̀mejì ni èèyàn máa kà á, ìpolówó tí a bá kà lẹ́ẹ̀mejì sì ti kú. Ìṣòro tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni "ọ́". Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ "ọ" pẹ̀lú àmì òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀: `U+1ECD` fún "ọ" àti `U+0301` fún àmì. Bí fọ́ńtì tí ayàwòrán yàn kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ ní kí ó tẹ "dọ́fun" sí ìwọ̀n tó máa wà lára ìdérí gan-an, kí ẹ wò ó lórí ìwé, kì í ṣe lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. "A sha, a huta" kò ní lẹ́tà tó ní ìkọ́, ìyẹn náà wà lára ìdí tí ọkàn mi fi fà sí i. "Daɗi" ì bá ti fún wa ní wàhálà tirẹ̀.

Ṣé ẹ̀ka-èdè Ifẹ̀ tàbí Ìjẹ̀ṣà ni ó yẹ kí á lò?

Fún rédíò ìlú, ẹ lè jẹ́ kí Ìjẹ̀ṣà kan fi ohùn tirẹ̀ sọ ọ́, inú àwọn ará Iléṣà á dùn. Lára ìgò tó máa dé Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, Yorùbá àjùmọ̀lò ni.

Ìjọba wo ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

ARCON, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON, ló ń yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde síta. NAFDAC náà ní àṣẹ lórí ìpolówó oúnjẹ àti ohun mímu. Gbogbo èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kó lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tó bá sún mọ́ ìwòsàn ni yóò kọ́kọ́ dá yín padà, "ara yá" ì bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ṣé òótọ́ ni pé ìpolówó Pepsi kan sọ ní Ṣáínà pé ó máa jí àwọn baba ńlá dìde nínú sàréè?

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dúró kò sí fún un, n kì í fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lo orúkọ Coca-Cola ní èdè Ṣáínà dípò rẹ̀: Kekou Kele. Ìró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró bó ṣe wà, ó sì ń sọ adùn lẹ́nu àti ayọ̀. Kí ìró àti ìtumọ̀ jọ wọlé báyẹn ṣọ̀wọ́n. Bí ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ìró lọ.

Èló ni kí n gbà?

Ẹ má ka iye ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà nínú "A sha, a huta". Gbólóhùn mẹ́ta fún èdè kọ̀ọ̀kan, àlàyé, ìdánwò, àti àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìdánwò: ẹ dá owó lé gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtúnṣe tó bá ju ìyẹn lọ ní owó tirẹ̀. Owó ẹni tó gbọ́ Haúsá, tó bá yín ṣiṣẹ́, kò sí lára owó yín. Ẹ yà á sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà lára ìgò kan ṣoṣo?

Ó lè wà, ṣùgbọ́n èmi kò fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá rí wọn lápá kan náà á gbà pé ọ̀kan ni ìtumọ̀ èkejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀fun nínú Haúsá, á ní wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sódì. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ọjà ń gbà ni a fi pín in: páálí tó ń lọ Sábó ní Haúsá níwájú, ti ọ̀nà yunifásítì ní Píjìnì, gbogbo ìyókù ní Yorùbá. Ní Lagere, níbi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, ìyá náà ní kí á fi Yorùbá sí i, nítorí ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti ń tà.